Mo da omi iyọ̀ méjì pọ̀, kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: Q àti Ksp ń dà mí láàmú

Àdùnní_Ọdún_Kìíní (Sátidé, 9:14 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní láàbù lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n ní ká da 25 cm³ omi òjé Pb(NO3)2 tó jẹ́ 0.03 M pọ̀ mọ́ 25 cm³ NaCl tó jẹ́ 0.03 M. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi ìṣirò sọ bóyá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ PbCl2 máa bọ́ sílẹ̀ tàbí kò ní bọ́, lẹ́yìn náà ká dà á pọ̀ ká wò ó. Ksp, ìyẹn òpin tí Q kò gbọ́dọ̀ kọjá kí nǹkan má bàa bọ́, tí wọ́n kọ sí ojú pátákó ni 1.7 × 10⁻⁵. Wọ́n ti po omi òjé náà sílẹ̀ fún gbogbo wa, àmọ́ oníkálukú ló po NaCl tiẹ̀: 0.44 g nínú 250 cm³.

Ìṣirò mi rèé, Q ni iye òjé àti Cl inú omi tí a fi ń wé Ksp:

Q = [Pb²⁺][Cl⁻]² = 0.03 × (0.03)² = 2.7 × 10⁻⁵

2.7 ju 1.7 lọ, ni mo bá kọ ọ́ pé nǹkan funfun máa bọ́. Ìgbà tí mo dà á pọ̀, omi náà tòrò kedere, ó sì tòrò bẹ́ẹ̀ títí a fi palẹ̀ mọ́. Ẹni tó jókòó tì mí, tiẹ̀ rú, ó funfun díẹ̀. Olùkọ́ láàbù wo tèmi, wọ́n ní mi ò wọn iyọ̀ mi dáadáa. Mo sì wọ̀n ọ́n dáadáa o! Kí ló fà á?

Bọ̀dá_Kẹ́mísírì (Sátidé, 9:40 àárọ̀)

Àbúrò, mo ti rí ibi tó ti wọ́. PbCl2 ní Cl méjì, o ò sì sọ Cl di méjì kó o tó fi ara rẹ̀ lu ara rẹ̀. 2 × 0.03 jẹ́ 0.06. Fi 0.06 lu 0.06, kó o fi 0.03 lù ú, wàá rí 1.08 × 10⁻⁴. Ìyẹn ju Ksp lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ dandan. Ẹni tó jókòó tì ẹ́ ló gbà á. Bóyá omi òjé tí wọ́n bù fún ẹ ni kò dáa.

Ìyá_Láàbù (Sátidé, 10:22 àárọ̀)

Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ yìí sọ́nà kó tó wọ àwọn ọmọ lára.

Àdùnní, ọmọ mi, ìwọ̀n rẹ kò níṣòro. Omi tó wà nínú bíkà náà kò níṣòro. Ohun tó o gbàgbé ni pé nígbà tó o da 25 lé 25, ó di 50. Omi iyọ̀ ti bomi la omi òjé, omi òjé náà ti bomi la omi iyọ̀. Kò sí 0.03 mọ́ níbì kankan nínú bíkà yẹn. Òjé ti di 0.015 M, Cl náà ti di 0.015 M. Iye tó wà lẹ́yìn ìdàpọ̀ la fi ń ṣe Q, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára ìgò.

Q = 0.015 × (0.015)² = 3.4 × 10⁻⁶

Fi èyí wé 1.7 × 10⁻⁵. Q kéré sí Ksp ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Omi náà ṣì lè gba òjé àti Cl sí i kó tó kún. Kò sí ohun tó yẹ kó bọ́, kò sì sí ohun tó bọ́. Bíkà tìrẹ ló sọ òtítọ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé nítorí a ń fi Cl lu ara rẹ̀, bí a bá dín méjèèjì kù sí ìdajì, Q kì í dín kù sí ìdajì. Ó máa ń já sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí 2.7 × 10⁻⁵ fi di 3.4 × 10⁻⁶. Ìdàpọ̀ tí ọmọ yìí gbójú fò ló yí ìdáhùn padà láti "máa bọ́" sí "kò ní bọ́".

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "sọ Cl di méjì" tí Bọ̀dá mú wá. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ di méjì wà, àmọ́ ibí kọ́. Tó bá jẹ́ CaCl2 ló fi po omi iyọ̀ rẹ̀, 0.03 M CaCl2 máa tú Cl 0.06 M sínú omi, nítorí pé CaCl2 kan ní Cl méjì. NaCl kan, Cl kan ló ní. Ibi tí Cl ti wá là ń wò, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Méjì kékeré tó wà lókè nínú [Cl⁻]² ló dúró fún ibi tó ń lọ, a ò sì gbọ́dọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀dá_Kẹ́mísírì (Sátidé, 10:51 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀, mo gbà. Àmọ́ nínú ìwé, nígbà tí a bá ń wá iye tí PbCl2 lè yọ́, a máa ń kọ Ksp = (s)(2s)² = 4s³. Kí ni 2s yẹn ń ṣe níbẹ̀ tí a ò bá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di méjì?

Ìyá_Láàbù (Sátidé, 11:05 àárọ̀)

Níbẹ̀ yẹn, inú PbCl2 fúnra rẹ̀ ni gbogbo Cl ti wá, kò sí orísun mìíràn. Bí s òjé bá wọ omi, 2s Cl ló máa tẹ̀lé e. Nínú bíkà Àdùnní, ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òjé àti Cl ti wá, ẹnì kan ò so wọ́n pọ̀. Bó bá ṣe wù ú ló lè pò wọ́n. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Alága_Àdúgbò (Sátidé, 11:30 àárọ̀)

Ẹ dákun, èmi ò mọ kẹ́mísírì o, àmọ́ mo ti rí ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Iyọ̀ tí ìyàwó mi rà lọ́jà, tí a bá dà á sínú omi mímu láti fi fọ ẹnu, omi náà máa ń rú, nǹkan funfun a sì sìlẹ̀. Ṣé òjé ló wà nínú rẹ̀ ni? Ẹ̀rù ń bà wá.

Ìyá_Láàbù (Sátidé, 11:48 àárọ̀)

Alága, ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tí Àdùnní ń bi wá kọ́ nìyẹn. Wọ́n máa ń fi èròjà díẹ̀ sínú iyọ̀ ìdáná kó má bàa dì mọ́ra nígbà òjò. Ọ̀pọ̀ nínú èròjà náà kì í yọ́ nínú omi, ohun tẹ́ ẹ ń rí nìyẹn.

Àmọ́ ẹ ti rán mi létí nǹkan kan. Àdùnní, irú iyọ̀ wo ni ẹni tó jókòó tì ẹ́ lò? Omi wo ló sì fi pò ó?

Àdùnní_Ọdún_Kìíní (Sátidé, 12:17 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Inú ìgò láàbù kan náà la ti bu iyọ̀. Àmọ́ omi dísítílì ti tán nígbà tó kàn án, inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn láàbù ló ti bu omi. Omi kànga ni wọ́n ń pọn sínú ẹ̀. Ṣé ìyẹn lè fa nǹkan? Omi náà mọ́ lójú.

Ọ̀gbẹ́ni_Omi (Sátidé, 1:02 ọ̀sán)

Ibí yìí ni iṣẹ́ mi wà. Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ omi wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn.

Omi kànga lè mọ́ lójú kó má mọ́ nínú. Káríbónéètì àti sọ́féètì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, òjé ò sì fẹ́ràn méjèèjì rárá. Ksp PbCO3 jẹ́ 7.4 × 10⁻¹⁴. Ká ní káríbónéètì tó wà nínú omi yẹn lẹ́yìn ìdàpọ̀ kéré gan-an, ká ní 0.00001 M péré. Ẹ fi lu òjé 0.015 M, Q yín máa jẹ́ 1.5 × 10⁻⁷. Ó ju Ksp lọ ní nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ìgbà! Nǹkan funfun gbọ́dọ̀ yọ. Àmọ́ kì í ṣe PbCl2 tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá. Àwọ̀ kan náà ni, nǹkan ọ̀tọ̀ ni.

Tí bíkà rẹ̀ bá ṣì wà, ohun tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n kò ṣòro. Ẹ bu díẹ̀ sínú túúbù méjì. Ẹ gbé àkọ́kọ́ sínú omi gbígbóná. Tó bá jẹ́ PbCl2, ó máa yọ́, omi á tòrò, tó bá sì tutù ó máa padà wá bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń dán. Káríbónéètì kò ní yọ́ nínú ooru. Ẹ kán ásíìdì náítríìkì tí wọ́n ti bomi là sínú ìkejì. Káríbónéètì máa pòórá, bó bá pọ̀ ẹ máa rí ìfófòó. Tí kò bá gbọ́ ti ooru, tí kò sì gbọ́ ti ásíìdì, sọ́féètì lẹ máa fura sí.

Ẹ má da òjé síbi tí omi ń bá lọ o. Ẹ ko ó sínú ìgò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun.

Apòògùn_Òru (Sátidé, 8:33 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo rẹ̀. Nílé ìwòsàn, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wa. Nínú oúnjẹ tí a ń fà sí aláìsàn lára láti inú iṣan, kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì jọ máa ń wà níbẹ̀. Lọ́dún 1994, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ṣe ìkìlọ̀ lẹ́yìn tí èèyàn méjì kú nípa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kálísíọ̀mù fọ́síféètì tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, fọ́síféètì là ń kọ́kọ́ fi sí i, kálísíọ̀mù a wá gbẹ̀yìn, a sì máa ń mi àpò náà bí a ṣe ń kán an.

Ìbéèrè tèmi: lẹ́yìn ìdàpọ̀, Q lè kéré sí Ksp, síbẹ̀ mo ti rí i tí omi rú fìrí níbi tí ẹ̀kán ti bọ́. Kí ló dé?

Ìyá_Láàbù (Sátidé, 9:10 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí ẹ̀kán náà ti kan omi, kò tíì tàn káàkiri. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bó ti wà nínú abẹ́rẹ́ ló ṣe ki níbẹ̀, Q ti ibẹ̀ yẹn sì ju Ksp lọ. Bẹ́ ẹ bá rò ó, Q á wálẹ̀, ohun tó bọ́ á sì padà yọ́. PbCl2 máa ń tètè padà. Èyí tí kì í tètè yọ́, bíi kálísíọ̀mù fọ́síféètì, lè dúró pẹ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń mì í.

Túndé_ṣì_ń_bi (Àìkú, 4:20 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n dá wàhálà sílẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí omi méjèèjì ṣe gbọ́dọ̀ ki tó kí nǹkan tó bọ́, bí a bá dà wọ́n pọ̀ lọ́gbọọgba. Mo wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá fi lu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa fún wa ní 1.7 × 10⁻⁵. 0.0257 ni. Ìyẹn ni pé 0.051 M nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kan wà tí mo pò ó ní 0.055 M, Q tèmi jẹ́ 2.1 × 10⁻⁵, ó ju Ksp lọ. Omi náà tòrò mọ́jú! Kí lẹ máa sọ sí ìyẹn? Omi dísítílì ni mo lò o.

Bọ̀dá_Kẹ́mísírì (Àìkú, 4:45 ọ̀sán)

Ìyẹn ò le. Omi náà ti kún ju bó ṣe yẹ lọ ni, kò kàn tíì rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Fi ọ̀pá gíláàsì họ inú bíkà náà, wàá rí i tó máa funfun. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀gbẹ́ni_Omi (Àìkú, 6:08 ìrọ̀lẹ́)

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò gbà pé ìyẹn nìkan ni. Ẹ wo ohun kan. Àwọn tábìlì sọ pé ní 20 °C, nǹkan bí 9.9 g PbCl2 ló ń yọ́ nínú lítà omi kan. Ẹ pín in sí 278 tó jẹ́ gíráàmù móòlù PbCl2 kan, ó jẹ́ 0.0356 M. Ẹ fi í sínú 4s³ tí Bọ̀dá mú wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa rí 1.8 × 10⁻⁴. Ìyẹn ju 1.7 × 10⁻⁵ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ PbCl2 kan náà ni!

Kò sí irọ́ nínú tábìlì méjèèjì. Ksp tó wà nínú ìwé, fún omi tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré gan-an ni wọ́n ṣe é. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti pọ̀ nínú omi, òjé àti Cl kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn mọ́. Bí ọjà bá kún, ọ̀rẹ́ méjì lè wà nínú rẹ̀ kí wọ́n má pàdé. Nínú bíkà Túndé, Na àti náítréètì náà wà níbẹ̀, wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn dí ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, òjé kan lè gbá Cl kan ṣoṣo mú, kó di PbCl⁺, tó ṣì wà nínú omi lómìnira. Méjèèjì ń jẹ lára Q tí a kọ sórí ìwé. Tí mo bá fojú bù ú, Q tòótọ́ ti Túndé kò tó ìdajì Ksp. Kì í ṣe pé omi rẹ̀ kún jù, kò tíì kún rárá ni.

Bọ̀dá_Kẹ́mísírì (Àìkú, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la wá ń ṣe ìṣirò sí? Kí ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ?

Ìyá_Láàbù (Àìkú, 7:15 alẹ́)

Nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, Q àti Ksp máa ń jìnnà síra débi pé gbogbo àríyànjiyàn yìí ò lè mì ín. Ẹ wo práktíkà WAEC. Wọ́n á ní kí ọmọ kán HCl sínú omi òjé, ó sì máa ń funfun lójú ẹsẹ̀. HCl inú ìgò yẹn sábà máa ń tó 2 M. Dà á pọ̀ lọ́gbọọgba mọ́ òjé 0.1 M: 0.05 × 1 × 1, Q jẹ́ 0.05. Ó ju Ksp lọ ní ìlọ́po nǹkan bí 3,000. Ta ló fẹ́ bá ìyẹn jiyàn? Èyí tí kò ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ lókè tàbí nísàlẹ̀, pàápàá fún iyọ̀ tó ń yọ́ dáadáa bíi PbCl2, ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn, kí wọ́n sì tún wo bíkà.

Ti Àdùnní dára ní tiẹ̀. Q ti wà nísàlẹ̀ Ksp tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Omi kà sílẹ̀ kàn tún ń fà á sísàlẹ̀ sí i ni. Kódà bó ṣe wù kó pín omi méjèèjì, pẹ̀lú 0.03 M kò lè rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìpín tó máa gbé Q ga jù ni òjé kan sí iyọ̀ méjì. Ká ní 20 cm³ sí 40 cm³: òjé di 0.01, Cl di 0.02, Q di 4.0 × 10⁻⁶. Kò tíì débẹ̀.

Àdùnní, tí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ pé omi òjé rẹ ni kò dáa, kán KI 0.03 M sínú èyí tó tòrò yẹn. Ksp PbI2 jẹ́ nǹkan bí 10⁻⁸. Ó máa pọ́n bí ìyeyè lójú wọn, wọ́n á sì mọ̀ pé òjé wà níbẹ̀ dáadáa.

Àdùnní_Ọdún_Kìíní (Ajé, 5:52 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti dé láti láàbù. Ẹni tó jókòó tì mí ti fi ọ̀rá bo bíkà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a bá a níbẹ̀. Èyí tí a gbé sínú omi gbígbóná kò tòrò rárá. Èyí tí a kán ásíìdì náítríìkì sí tòrò kíá, àmọ́ a ò rí ìfófòó kankan. Tèmi tí mo kán KI sí pọ́n yòò. Olùkọ́ ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn bu ọwọ́ lùwé mi.

Ṣé àìrí ìfófòó yẹn fi hàn pé kì í ṣe káríbónéètì?

Ọ̀gbẹ́ni_Omi (Ajé, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Rárá. Ohun tó wà nínú omi tó kàn rú díẹ̀ kéré débi pé afẹ́fẹ́ tó máa jáde á yọ́ sínú omi kí ojú tó rí i. Ó gbọ́ ti ásíìdì, kò gbọ́ ti ooru: kì í ṣe PbCl2, kì í ṣe sọ́féètì nìkan. Káríbónéètì ni mo máa kọ, àmọ́ mi ò ní búra pé kò sí nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Túndé_ṣì_ń_bi (Ajé, 9:21 alẹ́)

Ti 0.055 M mi ńkọ́? Bọ̀dá ní ó kún jù, Ọ̀gbẹ́ni Omi ní kò tíì kún. Ta ni mo máa gbàgbọ́?

Bọ̀dá_Kẹ́mísírì (Ajé, 9:34 alẹ́)

Èmi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà o.

Ìyá_Láàbù (Ajé, 9:58 alẹ́)

Tún un pò, kó o jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ju èérún PbCl2 gbígbẹ kan sínú rẹ̀, kékeré tí ojú lè rí. Tí omi bá ti kún jù, èérún yẹn máa tóbi sí i, abẹ́rẹ́ á yọ lára rẹ̀. Tí kò bá tíì kún, ó máa kéré sí i tàbí kó pòórá. Wọn èérún náà kó o tó jù ú sínú omi, má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Kó o sì kọ bí láàbù ṣe gbóná tó lọ́jọ́ náà, nítorí pé PbCl2 máa ń yọ́ sí i bí ooru bá ń pọ̀, 25 °C sì ni Ksp tí wọ́n kọ sí ojú pátákó fún Àdùnní.

Túndé_ṣì_ń_bi (Ajé, 10:06 alẹ́)

Ó dáa mà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí láàbù fún wa. Bọ̀dá, tí èérún bá pòórá, ẹ máa ra kóòkì fún mi o.